Ọmọ Onílé Aró, Ṣé Aró Dẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú orí fóònù ìlú Ọ̀ṣogbo. Mo gba ti yín. Ata lásán ni mo lọ rà ní Olúọdẹ, àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe dúró sáàárín èmi àti ìyá aláta, tó gbé fóònù sókè, tó lọgun: "Ọmọ onílé aró, ṣé aró dẹ?"

Ló bá fi ọwọ́ kan gbá etí mú, ó ń retí èsì. Ta ni yóò dá a lóhùn? Fóònù? Ìyá aláta ń ka owó rẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló ṣàánú rẹ̀ tó dáhùn, lọmọkùnrin náà bá ní ariwo ti bà á jẹ́, ká tún un ṣe. Ọwọ́ tún dé etí. Mo rò pé etí ń dùn ún ni, mo fẹ́ júwe ilé olóògùn fún un.

Nígbà tí mo wo fídíò rẹ̀ nílé, ìṣẹ́jú 3 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 180. Ìkíni àti ọwọ́ etí gba 40. Orin gba 25. "Ọ̀rọ̀ Àgbà" gba 30. "Ẹ Pàdé Alátìlẹ́yìn Wa" gba 35, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìdágbére pẹ̀lú àdúrà gba 30. Ogún péré ló kù fún iye tí wọ́n ń ta ata, ohun tó ní òun wá sọ!

Ìyá mi àgbà náà ní ètò àlọ́ tiwọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bí wọ́n bá ní "Àlọ́ o!", àwa ọmọ máa dáhùn "Àlọ̀!" Bí ohùn wa bá fà, wọ́n mọ̀ pé oorun ti ń kùn wá, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ìtàn bá ti fẹ́ gùn ni wọ́n ń fi orin sí, kí ègbè lè jí wa. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ló níṣẹ́ tó ń ṣe. Tìrẹ ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni? O ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, o ṣáà ń gbá etí mú!

YouTube tó o ń kó fídíò sí máa ń fi ilà kan hàn ọ́ nípa ibi tí àwọn èèyàn ti ń sá lọ. Wò ó. Bó bá já wálẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ìkíni rẹ ló lé wọn. Jẹ́ kí ìyá aláta kọ́kọ́ sọ iye ata, kó o tó kí wa ní èémí kan. Ọ̀sẹ̀ tí àgbà kankan ò bá sọ̀rọ̀, fo "Ọ̀rọ̀ Àgbà", kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ lẹ́jọ́. Bó o bá ń dágbére, fi àdúrà sílẹ̀ fún àwọn àlùfáà, kó o sọ ọjà tó o ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí èmi lè mọ ibòmíràn tí n ó ti ra ata.