Kì í ṣe gbogbo owó tó dín nínú owó agbaṣẹ́ṣe ni AIB

Ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí agbaṣẹ́ṣe bá rí i pé owó tó wọ bánkì òun kò tó iye tó wà nínú ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ fún un ni pé wọ́n ti yọ owó-orí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń tán nìyẹn. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yóò gbà pé ohun tó dín ti wọ àpò ìjọba, kò sì ní béèrè nǹkan kan mọ́. Mo ti ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe ṣe ìṣirò owó wọn láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì máa ń dùn mí gan-an nígbà tí mo bá rí i pé ìgbàgbọ́ yìí ti mú kí ẹnì kan gbàgbé owó ńlá tó jẹ́ tirẹ̀ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Owó-orí tí à ń sọ ni AIB, èyí tí ẹni tó fẹ́ sanwó iṣẹ́ máa ń yọ sílẹ̀ kó tó sanwó, tí yóò sì lọ san fún ilé-iṣẹ́ owó-orí ní orúkọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Asansílẹ̀ ni: ní òpin ọdún, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó-orí tí agbaṣẹ́ṣe náà jẹ lórí èrè rẹ̀. Nítorí náà, ohun méjì ló yẹ kí a wádìí. Àkọ́kọ́ ni bóyá iye tí wọ́n yọ tọ̀nà, èkejì sì ni bóyá iye tí wọ́n yọ gan-an ni wọ́n san. Ìbéèrè méjèèjì yàtọ̀ síra, ìwé tó sì ń dáhùn ọ̀kan kì í dáhùn èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan hàn yín. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́lé bá ilé-iṣẹ́ aládàáni kan mọ odi yí ọgbà wọn ká. Nínú ìwé owó rẹ̀, `Total HT`, ìyẹn owó iṣẹ́ láìsí owó-orí ọjà, jẹ́ 2.000.000 sẹ́fà. TVA, ìyẹn owó-orí ọjà náà, tó jẹ́ ìdá 18 nínú 100, jẹ́ 360.000, `Total TTC`, ìyẹn owó iṣẹ́ pẹ̀lú TVA, sì jẹ́ 2.360.000. Ẹ̀gbọ́n mi ní IFU tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ owó-orí fi ń dá ẹni tó ń san owó-orí mọ̀, ìdá 1 nínú 100 sì ni AIB tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn. Ẹni tí kò bá ní IFU ni wọ́n lè yọ ìdá 5 lórí rẹ̀. Owó tó wọ bánkì jẹ́ 2.218.400. Ó dín ní 141.600.

Wọ́n ní AIB ni. Ṣùgbọ́n ìdá 1 nínú mílíọ̀nù méjì kò ju 20.000 lọ. Kódà bí wọ́n bá kà á sí ẹni tí kò ní IFU, 100.000 ni ìbá jẹ́. Kò sí ọ̀nà tí AIB nìkan fi lè di 141.600 lórí iṣẹ́ yìí, èyí ló sì mú kí n ní kó gbé ìwé àdéhùn wá.

Inú rẹ̀ la ti rí gbólóhùn tí kò sẹ́ni tó rántí mọ́: ilé-iṣẹ́ náà yóò dá ìdá 5 nínú gbogbo owó TTC dúró fún ọdún kan, kí odi náà má baà là tàbí kó wó kí wọ́n má sì rí ẹni tí yóò tún un ṣe. Ìdá 5 nínú 2.360.000 jẹ́ 118.000. Èyí kì í ṣe owó-orí rárá. Owó ẹ̀gbọ́n mi ni, bí odi bá sì dúró dáadáa títí ọdún yóò fi pé, ó gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbà pé ìjọba ló gbà á, báwo ni yóò ṣe lọ béèrè rẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó?

Bí a bá yọ 118.000 kúrò nínú 141.600, ó ku 23.600, bẹ́ẹ̀ 20.000 ló yẹ kí AIB jẹ́. Ìyàtọ̀ jẹ́ 3.600. Ẹ wo iye yẹn dáadáa: ìdá 1 nínú TVA 360.000 ni, kò dín, kò lé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé akọ̀wé tó ṣe ìṣirò náà yọ AIB lórí TTC, kò yọ ọ́ lórí HT. Kò sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí TVA kì í ṣe owó tí agbaṣẹ́ṣe rí jẹ. Ó kàn ń gbà á fún ìjọba ni, kò sì sí ìdí tí a ó fi yọ owó-orí èrè lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá ti bá ìdá 1 nínú TVA mu gẹ́lẹ́ báyìí, àṣìṣe yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Owó tó yẹ kó wọ bánkì jẹ́ 2.222.000. (Bó bá jẹ́ ìjọba ló gbé iṣẹ́ jáde, wọ́n tún máa ń dá apá kan nínú TVA dúró, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣirò.)

Ó wá ku ìbéèrè kejì. Ẹni tó yọ AIB gbọ́dọ̀ san án fún ilé-iṣẹ́ owó-orí kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Yíyọ nìkan kò fi hàn pé ó san án. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó yọ ọ́ yóò fún agbaṣẹ́ṣe ló yẹ kó fi hàn, kí iye owó, ọjọ́ tí wọ́n san án àti IFU ẹni tó ṣiṣẹ́ sì hàn nínú rẹ̀. Ẹyọ nọ́ńbà 13 ló wà nínú IFU. Bí ẹyọ kan bá ṣì, owó náà lè dé ọ̀dọ̀ ìjọba kó má sì hàn ní orúkọ ẹni tó ni ín. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, IFU rẹ̀ tọ̀nà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n san jẹ́ 20.000. Wọ́n yọ 23.600, wọ́n san 20.000. Bó bá jẹ́ pé 23.600 ni wọ́n san, ìbá ṣì rí 3.600 náà lò nígbà tó bá ń san owó-orí ọdún, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó gbé iṣẹ́ fún un ni owó náà wà ní gbogbo àkókò tí à ń sọ pé ìjọba ló gbà á.

Ó kọ lẹ́tà kan, ó to ìlà mẹ́rin sínú rẹ̀: TTC, AIB lórí HT, owó tí wọ́n dá dúró, àti owó tó yẹ kó wọ bánkì, ó sì so ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà mọ́ ọn. Wọ́n dá 3.600 padà, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé 118.000 ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Mo ti sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ san 118.000 yẹn, kò gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tún yọ AIB lórí rẹ̀, nítorí 20.000 tí wọ́n ti yọ jẹ́ ti gbogbo iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n dá dúró sì wà nínú rẹ̀.