Kì í ṣe mírọ̀rìn ló jẹ dátà yín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ń gbé ní Kàbà ló pè mí lọ́jọ́ Sátidé pé tẹlifíṣọ̀n òun ń jí dátà. Mo ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní, "Jíjí ni mo wí. Mi ò fọwọ́ kan fóònù, dátà sì ti tán." Mopà ni mo wà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo wọkọ̀, ó di Kàbà.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n tuntun ni, irú èyí tó ní YouTube nínú. Lálẹ́ Fúráìdè, 3.5GB ló kù nínú dátà tó rà. Ó tan họ́tísípọ́ọ̀tù fóònù ẹ̀, ó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, ó wá fíìmù oníwákàtí méjì kan, ó sì tẹ àmì kékeré tó wà lókè fídíò náà, èyí tó dà bíi férémù tí ìlà mẹ́ta tó tẹ̀ kọrọdọ wà ní igun ẹ̀. Fíìmù bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó gbé fóònù sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ara ẹ̀. Nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 kó parí, àwòrán dúró gbagidi, nǹkan róbótó wá ń yí láàárín. Kò tún lọ mọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà gbé fíìmù láti orí fóònù bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n: mírọ̀rìn àti kásítìn. Kásítìn lohun tó ṣe yẹn. Ohun tó ká a lára jù ni pé ìmọ̀ràn ló tẹ̀lé. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé, "Má ṣe mírọ̀rìn o, dátà ẹ á gbẹ ni. Kásítìn ni kó o ṣe, ìyẹn kì í jẹ nǹkan kan." Èmi náà ti gbọ́ ọ rí, ní Ìsánlú, ní Kàbà, àti lẹ́nu àwọn tó ń ta fóònù pàápàá. Nínú ilé tó bá jẹ́ pé fóònù ni wọ́n fi ń ṣe ráútà, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yẹn dorí kodò pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú mírọ̀rìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé fóònù ń ya àwòrán ojú ara ẹ̀ láìsinmi, ó ń ká a kó lè kéré, ó sì ń jù ú sí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń yà á. Ohun tó bá wà lójú fóònù náà ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ètò tí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdírọ́ìdì ń lò fún iṣẹ́ yìí ń jẹ́ Miracast, ọdún 2012 ló jáde, kò sì nílò ráútà, kò nílò káàdì síìmù. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ń fi Wáì-fáì bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà nínú pálọ̀ yẹn ni.

Ibẹ̀ ló ti ń rú àwọn èèyàn lójú, nítorí wọ́n rò pé Wáì-fáì àti dátà, ọ̀kan náà ni. Ọ̀nà ni Wáì-fáì. Dátà ni owó ọkọ̀ tí ẹ ń san fún iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì nígbà tí ẹ bá fẹ́ jáde nílé. Ẹni tó ń ti yàrá bọ̀ sí pálọ̀ kò sanwó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó pa dátà fóònù ẹ̀, kó ṣe mírọ̀rìn, kó wá tan fídíò ìgbéyàwó tó ti wà lórí fóònù náà tẹ́lẹ̀. Á máa lọ geere.

Kásítìn ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú kásítìn, fóònù kì í gbé àwòrán YouTube kankan. Ó kàn ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n ni pé, "Fíìmù báyìí wà níbi báyìí, lọ mú un wá." Tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀ ló máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ gbé e. Láti ìgbà yẹn, rìmóòtù ni fóònù dà. Ta ló wá ń sanwó ọkọ̀ tẹlifíṣọ̀n? Ẹni tó ni họ́tísípọ́ọ̀tù ni.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá. Tí ẹ bá ń ṣe mírọ̀rìn, fóònù á gbóná, bátìrì á máa já wálẹ̀ lójú yín. Èèyàn á wá rò pé ohun tó ń mú fóònù gbóná tó báyìí, dátà ló ń jẹ. Iṣẹ́ yíyà àti kíká àwòrán láìdúró ló ń mú un gbóná o, iná bátìrì ló ń jẹ. Kásítìn ní tiẹ̀ máa ń ṣe jẹ́jẹ́, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n ló ń ṣe wàhálà. Jẹ́jẹ́ yẹn ló tan ẹ̀gbọ́n mi jẹ.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo ṣí ojú ibi tí fóònù ti ń ka dátà tí a lò, nínú Settings. YouTube fóònù náà fúnra ẹ̀ kò lò ju MB díẹ̀ lọ láti àná. Mo wò ó sísàlẹ̀: "Hotspot & tethering", ó lé ní 3GB. Mo fi hàn án. Ó ní, "Ṣé tẹlifíṣọ̀n nìyẹn?" Mo ní òun ni.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó máa ń wo irú fíìmù yẹn lórí fóònù láàárín ọ̀sẹ̀, tí dátà kì í sì í tán? Ọ̀rọ̀ bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó ni. Lórí fóònù ẹ̀, ó ti yan "Data saver" fún YouTube, kò sì jọ pé àwòrán ibẹ̀ ń kọjá 480p. Ìyẹn máa ń jẹ nǹkan bí ìdajì GB láàárín wákàtí kan. Tẹlifíṣọ̀n ò mọ nǹkan kan nípa ohun tí ẹ yàn lórí fóònù. Ó rí i pé ojú òun fẹ̀, ó rí i pé nẹ́tíwọ̀kì dáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì lọ gbé 1080p. Ìyẹn lè jẹ 2GB ní wákàtí kan. Ẹ wá ṣírò ẹ̀: wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45, ní 2GB fún wákàtí kan, 3.5GB ni. Ibi tí fíìmù ti dúró gan-an nìyẹn. Tó bá jẹ́ mírọ̀rìn ló ṣe, fóònù ni ì bá lọ gbé fíìmù wá ní 480p tó mọ̀, á sì wá jù ú sí tẹlifíṣọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí 1GB ni gbogbo ẹ̀ ì bá gbà, 2.5GB á ṣẹ́ kù. Àwòrán ò ní mọ́lẹ̀ tó t'àkọ́kọ́, òótọ́ ni, àmọ́ á rí ìparí ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kásítìn lórí họ́tísípọ́ọ̀tù bẹ́ẹ̀ náà, kó fi rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n lọ síbi àmì ṣakaṣaka tó wà lábẹ́ fídíò, kó yan Quality, kó sì mú 480p. Kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i tí fídíò mìíràn bá bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ náà tún ń da nǹkan rú. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ̀rọ mírọ̀rìn ni wọ́n kọ "Cast" sí lára nínú Settings. "Cast my screen" tó wà nínú Google Home, mírọ̀rìn nìyẹn. Ti Samsung ń jẹ́ Smart View. Nítorí náà ẹ má wo orúkọ. Nígbà tí fíìmù bá ti ń lọ, ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń pa ojú fóònù. Tí fíìmù bá ń lọ, kásítìn lẹ ṣe. Tó bá lọ pẹ̀lú ojú fóònù, mírọ̀rìn ni.

Mi ò ní kí ẹ máa ṣe mírọ̀rìn ní gbogbo ìgbà o. Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Lọ́dún kan, mò ń fi àwòrán ìsọmọlórúkọ han àwọn àna mi lórí tẹlifíṣọ̀n, a ti dé ibi tí ìyá àgbà ti gbé ọmọ, ni álẹ́ẹ̀tì báńkì bá já wọlé lókè: iye tí wọ́n yọ, àti iye tó kù. Bàbá ìyàwó mi kà á sókè láìfi nǹkan kan pamọ́. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń tan "Do Not Disturb" kí n tó so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ò lè fi fóònù náà ṣe nǹkan mìíràn, torí pé ohun tí ẹ bá ṣí ni gbogbo ilé á rí. Àwọn áàpù fíìmù olówó kan á sì fi ojú dúdú hàn yín lórí tẹlifíṣọ̀n, torí pé wọn kì í jẹ́ kí fóònù ya àwòrán ohun tó wà nínú wọn. Kò sí ọ̀nà mìíràn níbẹ̀, kásítìn nìkan ló máa ṣiṣẹ́ tí áàpù náà bá ní in.

Ibi tí kásítìn ti dáa jù ni ilé tó ní ráútà tirẹ̀, tó ní dátà tó pọ̀. Níbẹ̀, ẹ lè pa ojú fóònù, ẹ lè gba ìpè, ẹ tilẹ̀ lè gbé e lọ sọ́jà, fíìmù YouTube tó ti bẹ̀rẹ̀ á máa lọ, àwòrán á sì mọ́lẹ̀ ju ti mírọ̀rìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí fóònù ẹ̀ ni họ́tísípọ́ọ̀tù, kó má gbé fóònù jáde. Ráútà lẹ gbé jáde yẹn.

Tí fóònù tó ń ṣe họ́tísípọ́ọ̀tù kò bá rí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ẹ fẹ́ ṣe kásítìn YouTube, ẹ lọ sínú Settings YouTube orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ yan "Link with TV code". Nọ́ńbà kan máa jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí "Watch on TV" nínú Settings YouTube orí fóònù. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti máa mọ ara wọn, wọn ò tiẹ̀ ní láti wà lórí Wáì-fáì kan náà.

Ìṣẹ́jú 15 tó kù lára fíìmù yẹn ló wá ṣẹ́ kù fún wa láti wò. Mo fi 500MB ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo pa họ́tísípọ́ọ̀tù, mo ṣe mírọ̀rìn, a sì jókòó wò ó. Fóònù gbóná díẹ̀, àwòrán ń fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń ka dátà fúnra ẹ̀: 130MB. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò mí, ó ní kí n lọ gbé ẹ̀bà wá nínú kíṣìnnì.