Ẹ Yé Wo Àpapọ̀ Owó Nìkan Lórí Ínfọ́ìsì

Ó ń bí mi nínú! Àwọn tó ń yẹ ínfọ́ìsì wò á wo iye owó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó bá ti ìwé tí a fi béèrè ọjà mu, wọ́n á buwọ́ lù ú. Ṣé àyẹ̀wò nìyẹn?

A béèrè páálí 10, ẹyọ 24 ló wà nínú páálí kan, páálí kan jẹ́ 4,800. Ínfọ́ìsì wá kọ ẹyọ 10, 4,800 lọ́kọ̀ọ̀kan. 48,000 ni méjèèjì, àmọ́ ẹyọ 10 ló máa wọ ìwé ọjà dípò 240, ẹyọ tó yẹ kó jẹ́ 200 á sì di 4,800.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí ẹni tó ta ọjà kọ ẹyọ 240 ní 205 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ di 49,200, ẹnì kan á ní owó ọkọ̀ ló lé e. Irọ́ ni! Ẹ pín 4,800 sí 24 kí ẹ tó fi owó wéra, ẹ ó rí i pé 5 ti gun orí ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú páálí kan kà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ 20 ló wà nínú rẹ̀, 240 lẹ̀ ń ra ẹyọ kan, bí ínfọ́ìsì tiẹ̀ bá ìwé yín mu látòkè délẹ̀.