Ọjọ́ ìbí wo ló máa ń ku -5?

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ fáìlì ọjọ́ ìbí yìí ti sú wa! Orúkọ wà ní A, ọjọ́ ìbí wà ní B, “ọjọ́ tó kù” tẹ̀ lé e. Ẹ ṣí Excel náà wò, ẹ ó bá -5 níbẹ̀. Wọ́n fi ọdún tí a wà rọ́pò ọdún ìbí, wọ́n yọ òní kúrò nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó bèèrè bóyá ọjọ́ náà ti kọjá.

Àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe sí i ló tún ń bí ni nínú jù: wọ́n á ní bó bá ti di òdì, kí a fi 365 kún un. Ta ló sọ fún yín pé gbogbo ọdún ló ní ọjọ́ 365? Ká ní òní jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2027, tí wọ́n sì bí ẹnì kan ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1990. Tiyín á ní ó ku 360. Irọ́ ni! Oṣù Kejì 2028 ní ọjọ́ 29, 361 ló kù. Òdì hàn sójú, ṣùgbọ́n ta ló máa fura sí 360?

Ọdún ni kí ẹ fi kún un, ẹ fi ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ àkọ́kọ́ sí C2, èkejì sí D2:

```
=DATE(YEAR(TODAY())+(DATE(YEAR(TODAY()),MONTH(B2),DAY(B2))<TODAY()),MONTH(B2),DAY(B2))
=C2-TODAY()
```

Bí ọjọ́ ìbí ti ọdún yìí bá ti kọjá, ibi tí `<` wà á di 1, ọdún á sì sún síwájú. Ẹ má sọ ọ́ di `<=`, ẹ má sì fi `NOW()` rọ́pò `TODAY()`. `NOW()` gbé aago dání, ọjọ́ ìbí sì ń bẹ̀rẹ̀ ní òru. Ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí lónìí gan-an ni ẹ máa tì sí ọdún tó ń bọ̀, a ò ní kí i! Bí D2 bá ń gbé 26/12/1900 jáde, ẹ yí i sí `General`, 361 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì á bọ́ sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹta lọ́dún tí kò bá sí 29. Ìyẹn kò burú.

Ṣùgbọ́n kí ni fọ́múlà fẹ́ ṣe sí ọjọ́ tí ẹ ti dojú rẹ̀ rú? Ẹ fi ọjọ́ ṣáájú oṣù nínú fáìlì CSV, ẹ wá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò bíi ti Amẹ́ríkà. 13/05/1990 á dúró bí ọ̀rọ̀ lásán ní apá òsì, fọ́múlà á ní `#VALUE!`. Ẹ sáré tún ìyẹn nìkan tẹ̀. 05/03/1990 tó jókòó jẹ́ẹ́ ní apá ọ̀tún ńkọ́? Ó ti di ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún! Fáìlì CSV àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ padà sí, kí ẹ kó o wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì yan `DMY` fún gbogbo B.