Òjò Sàhẹ́lì kì í dúró sójú kan: ohun tí dáàmù Àlàù yẹ kó kọ́ ìjọba

Ní ìpínlẹ̀ Bórnò, iṣẹ́ omi ńlá méjì wà tí a fẹ́ kí àwọn tó ń fọwọ́ sí ìnáwó ìjọba àpapọ̀ gbé yẹ̀ wò papọ̀.

Èkíní ni oko abomirin tí wọ́n ṣètò sí gúúsù Adágún Ṣáàdì. Ìjọba dá àjọ tó ń bójú tó omi agbègbè náà sílẹ̀ ní 1973, wọ́n sì ṣí ìpele àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà ní 1979. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bomi rin tó hẹ́kítà 67,000. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi wọ inú adágún, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ńlá tó ń fa omi kalẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni adágún sún kúrò níwájú ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa di 1985, apá tó jẹ́ ti Nàìjíríà nínú adágún náà ti gbẹ. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ọ̀nà omi wà níbẹ̀, àmọ́ omi tí wọ́n tìtorí rẹ̀ náwó ti lọ. Iṣẹ́ náà kò dé ìtòsí hẹ́kítà tí wọ́n ṣèlérí rí.

Èkejì ni dáàmù Àlàù, tí wọ́n kọ́ lẹ́bàá Màídúgùrí láàárín 1984 sí 1986, nígbà tí ọ̀dá mú jù lọ tí ará ìlú sì ń wá omi mímu. Ní 1994, omi ya wọ Màídúgùrí láti ọ̀hún. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, dáàmù náà tún ya, apá tó pọ̀ nínú ìlú sì wà lábẹ́ omi. Àwọn ènìyàn kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún sì sá kúrò nílé.

A mọ̀ pé àìbójútó wà nínú ọ̀rọ̀ Àlàù, a kò sì ní fi òjò bo ẹnikẹ́ni tó yẹ kó dáhùn mọ́lẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà tó so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀, òun sì ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ìgbà tí omi pọ̀ ni wọ́n fi wọn oko abomirin, ọ̀dá sì bá a. Ìgbà ọ̀dá ni wọ́n kọ́ dáàmù, òjò sì padà wá bá a. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, òjò ojú ayé àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n fún ohun tó yẹ kó pẹ́ ju wọn lọ.

Ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó tẹ́ láti Sẹ̀nẹ̀gà gba Màlì, Nìjẹ̀r àti àríwá wa dé Súdáánì, kì í rí òjò bí tiwa ní Ìbàdàn níbí. Láti 1950 títí dé nǹkan bí 1967, òjò ibẹ̀ pọ̀. Láti 1968 ni ó yí padà. Ọ̀dá 1972 sí 1973 pa èèyàn àti ẹran ọ̀sìn, ti 1983 sí 1984 sì burú jù ú lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni òjò ti ń padà bọ̀, bí kò tilẹ̀ tíì dà bíi ti ìgbà àwọn bàbá. Adágún Ṣáàdì, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà níbùú lóròó 25,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò tó 2,000 mọ́ ní àárín àwọn ọdún 1980. Kì í ṣe ọdún kan tí kò dáa ni à ń sọ. Ogún ọdún òjò ni, àti ogún ọdún ọ̀dá lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1968 lè ti ní ọmọ tirẹ̀ kí ó tó rí òjò tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ.

Kí ló fà á? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn darandaran ni wọ́n di ẹ̀bi náà rù. Ní 1975, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Jule Charney, ṣàlàyé pé bí ẹran bá jẹ koríko tán, ilẹ̀ á funfun, á máa dá oòrùn padà sókè, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ kò ní lè gòkè mọ́, ìkùukùu kò sì ní ṣú. Àlàyé náà bọ́gbọ́n mu, ó sì ní òtítọ́ tirẹ̀, nítorí ilẹ̀ tó gbẹ máa ń mú kí ọ̀dá tó ti wà tún le sí i. Àmọ́ kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1986, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọdún tí Sàhẹ́lì bá gbẹ, ìgbóná ojú òkun káàkiri ayé ní bátànì tirẹ̀. Ní 2003, Alessandra Giannini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá dán ọ̀rọ̀ náà wò. Wọ́n fún ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àfarawé ojú ọjọ́ ní ìgbóná ojú òkun láti 1930 sí 2000. Wọn kò sọ fún un pé darandaran kankan wà. Síbẹ̀, òjò inú kọ̀ǹpútà pọ̀ nígbà tí ti Sàhẹ́lì pọ̀, ó sì wálẹ̀ nígbà tí tirẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń dúró lórí pèpéle òṣèlú lónìí tó ń sọ pé màlúù ló gbé òjò àríwá lọ, kó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dáhùn ọ̀rọ̀ náà.

Bí òkun ṣe ń ṣe é nìyí. Agbo ìkùukùu tó ń mú òjò wá kì í jìnnà sí ibi tí ayé ti móoru jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó wà ní ìhà òkun. Bí oòrùn ṣe ń lọ sí àríwá, ó ń tẹ̀ lé e. Ó máa kọjá lórí wa níbí, ó sì máa dé Sàhẹ́lì ní nǹkan bí oṣù kẹfà, kó tó padà sẹ́yìn ní oṣù kẹsàn-án tàbí kẹwàá. Bí apá àríwá Òkun Àtìláńtíìkì bá móoru ju apá gúúsù lọ, agbo yìí á lọ jìnnà sí àríwá. Bí àríwá òkun bá tutù, á dúró kí ó tó débẹ̀. Òkun Íńdíà pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú rẹ̀: bó bá móoru, ó ń mú kí afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún móoru, ìkùukùu Sàhẹ́lì kò sì ní lè ga tó bó ṣe yẹ.

Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà. Òjò wa lọ́dún ju mìlímítà 1,200 lọ, a sì wà láàárín ọ̀nà agbo náà. Sàhẹ́lì ló wà ní òpin ọ̀nà rẹ̀. Níbẹ̀, bí o bá rin kìlómítà kan lọ sí àríwá, òjò ọdún kan á fi nǹkan bíi mìlímítà kan dín kù. Nítorí náà, bí agbo òjò bá kùnà ibi tó máa ń dé pẹ̀lú kìlómítà 100 péré, ìlú tó ń rí mìlímítà 400 á pàdánù nǹkan bí 100, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin. Nígbà ọ̀dá yẹn, ààlà òjò sún sí gúúsù tó kìlómítà 100 sí 200. Ohun tí kò ju kí òkun yí ọwọ́ díẹ̀ lọ lójú wa ni ebi tó pa abúlé lọ́hùn-ún.

Ìdí tó fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wà nínú òkun kan náà. Ilẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án, á sì tutù lóru, ṣùgbọ́n omi jíjìn kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ìṣàn tó ń gbé omi gbígbóná lọ sí àríwá Àtìláńtíìkì máa ń lágbára, ó sì máa ń rọ, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn náà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, èéfín imí-ọjọ́ láti inú èédú tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sun bo ojú ọ̀run àríwá òkun, ó dí oòrùn lọ́wọ́, ó sì mú omi tutù. Nígbà tí wọ́n ṣòfin lórí èéfín náà, ó dín kù, òkun sì tún móoru. Èló ni ti ìṣàn òkun fúnra rẹ̀, èló ni ti èéfín? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Iyàn náà ṣe pàtàkì fún wa: bó bá jẹ́ èéfín ló pọ̀ jù, a jẹ́ pé ilé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn wà lára ohun tó sọ àgbẹ̀ Sàhẹ́lì di aláìní.

Ibi tí ẹnìjíníà ti máa ń ṣìnà ni ìṣirò. Ní iṣẹ́ ojú ọjọ́, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n máa ń rò pọ̀, tí wọ́n á pín, tí wọ́n á sì pe èyí tó jáde ní òjò tó yẹ kí ìlú máa rí. Ìlànà yìí tọ́ sí ibi tí òjò ń yí padà lọ́dọọdún tí kì í sì í jìnnà sí ara rẹ̀. Ní Sàhẹ́lì, ọgbọ̀n ọdún kò tó láti kó ìgbà òjò àti ìgbà ọ̀dá pọ̀ tán. Mú 1931 sí 1960, ìwọ yóò kọ́ ohun tó gbára lé omi púpọ̀. Mú 1961 sí 1990, ọ̀dá ló jókòó sí apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìwọ yóò kọ́ ohun tí kò lè gba àgbàrá. Bí o sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìwọ yóò rí iye kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹ̀wádún tó rí i.

Òjò tó sì padà bọ̀ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn bàbá. Àwòrán sátẹ́láìtì láti 1982 fi hàn pé ìjì òjò tó le jù ní Sàhẹ́lì ti di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí Sàhárà ń gbóná sí i. Iye òjò ọdún lè dára lórí ìwé, kí àgbẹ̀ sì ní ọjọ́ púpọ̀ tí kò rí ìkán kan, kí gbogbo rẹ̀ wá dà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ méjì. Irú òjò bẹ́ẹ̀ ló ń ya dáàmù.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sẹ́ni tó lè sọ fún wa bí 2045 yóò ṣe rí. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó gbajúmọ̀ kò fẹnu kò: ọ̀pọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Sàhẹ́lì yóò gbẹ, tí àárín àti ìlà-oòrùn yóò sì rí òjò sí i, àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà máa ń sọ bí òjò ọdún kan yóò ṣe rí, iṣẹ́ náà sì dára, ṣùgbọ́n dáàmù kì í ṣe ohun ọdún kan.

Ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí tún Àlàù kọ́ ní 2025. Kí kọnkéré tó gbẹ, a béèrè pé kí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó omi gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn: ọdún òjò wo ni wọ́n fi wọn dáàmù tuntun náà, àgbàrá tó tóbi jù wo ni ojú ibi tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà jáde lè gbé, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ sí omi mímu Màídúgùrí bí ọdún 1984 bá tún dé. Kí wọ́n dán an wò pẹ̀lú òjò àwọn ọdún 1950, kí wọ́n sì dán an wò pẹ̀lú ti àwọn ọdún 1980. Bí kò bá yege nínú ọ̀kan nínú wọn, kí wọ́n má ṣe san owó tó kù. Ìbéèrè kan náà ni kí wọ́n gbé síwájú ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun fẹ́ fi owó Nàìjíríà kún Adágún Ṣáàdì padà: ní ìwọ̀n ọdún wo?

Ìwé òjò tí wọ́n ti ń kọ ní àríwá láti ìgbà ìjọba amúnisìn kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a máa ń bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí. Kí wọ́n gbé e sí gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì tún àwọn òṣùwọ̀n òjò tó bàjẹ́ ṣe ní Bórnò àti Yóbè, nítorí níbi tí ogun ti lé olùṣọ́ òṣùwọ̀n lọ, àlàfo ti wọ inú ìwé náà. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti màlúù tó ń wọ ọjà Bódìjà ń gba ilẹ̀ yìí kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Owó àtúnkọ́ Àlàù pẹ̀lú wá láti inú àpò gbogbo wa, ìdí nìyẹn tí a fi ń retí ìdáhùn ṣáájú òjò tó ń bọ̀.