Ọjọ́ Ìpàdé Ni Wọn Ì Bá Dì Mú

Nínú ìjà lórí ẹni tó ga jù nínú póòpù àti ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwa ò fi bò o, ẹ̀yìn ìgbìmọ̀ Kọ́nsítáǹsì la wà, ìpàdé ńlá tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe nílùú Kọ́nsítáǹsì ní Jámánì. Látọdún 1409, póòpù mẹ́ta ló ń pera wọn lólórí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ti Róòmù, ọ̀kan ti Afinyọ́ọ̀nù, ẹ̀kẹta wá ni èyí táwọn kádínà yàn ní Písà kí wọ́n lè parí ìjà, ni ìjà bá di ti ẹni mẹ́ta. Àwọn tó ní kò sẹ́ni tó lè dá póòpù lẹ́jọ́, kí wọ́n sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún wa.

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní 1414, wọn ò ka ìbò lórí-kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà-ẹ̀yà ni wọ́n dì í, torí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ítálì tó ń ti Jòhánù Kẹtàlélógún, póòpù ti Písà, lẹ́yìn ti pọ̀ jù. Jòhánù rí i pé ọwọ́ òun ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, ó múra bí ìránṣẹ́, ó sá kúrò nílùú ní March 20, 1415, ó rò pé bóun bá ti lọ, ìpàdé tú nìyẹn. Wọn ò tú o. Ní April 6 wọ́n ṣòfin pé ọ̀dọ̀ Kristi tààrà làwọn ti gbàṣẹ, póòpù gan-an sì gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sáwọn lẹ́nu lórí ìgbàgbọ́, ìyapa yẹn àti àtúnṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ní May wọ́n yọ ọ́ nípò. (Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló dá oníwàásù Jan Hus lẹ́bi tí wọ́n fi dáná sun ún ní July, tòun ti ìwé ààbò ọba lọ́wọ́ ẹ̀, a ò ní gbèjà wọn lórí ìyẹn láé.)

Òfin tá a fẹ́ràn jù ni ti October 1417, tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó yan Máttíìnì Karùn-ún ní póòpù: ìpàdé lẹ́yìn ọdún 5, òmíì lẹ́yìn ọdún 7, lẹ́yìn náà ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Póòpù lè fa ọjọ́ ẹ̀ wá sítòsí, kò lè sún un síwájú. Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ lagbára wà.

Òfin yẹn ló gbé ìpàdé ìlú Básẹ̀lì dìde ní 1431. Póòpù Yújíìnì Kẹrin ní kí wọ́n túká, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, nígbà tó di 1433 ó kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ jẹ. Wọ́n ti borí! Àmọ́ wọn ò mọ ibi tí wọ́n á dá a dúró sí, ní 1439 wọ́n yọ Yújíìnì, wọ́n sì fi olórí ilẹ̀ Sàfọ́yì jẹ póòpù tiwọn, ẹ̀rù wá ba àwọn ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjà póòpù mẹ́ta, ni wọ́n bá ń lọ bá Yújíìnì ṣàdéhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn, pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́.

Ní 1460, Póòpù Píúsì Kejì, tó ti jẹ́ akọ̀wé ní Básẹ̀lì rí, ní kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni tó bá pẹjọ́ póòpù lọ síwájú ìgbìmọ̀ kúrò nínú ìjọ. A ní kò tọ́, torí àga tó jókòó lé, Kọ́nsítáǹsì ló tún un ṣe. Póòpù kankan ò tún tẹ̀ lé ọdún mẹ́wàá yẹn mọ́. Ìgbà tí Júlíọ́ọ̀sì Kejì fi máa pe ìpàdé ní 1512, torí pé àwọn kádínà kan ti lọ pe tiwọn ní Písà lọ́dún tó ṣáájú ni.