Àtúnṣe: Ìpín kan kò tú àṣírí kọ́kọ́rọ́

"Tí ẹ bá pín kọ́kọ́rọ́ àgbà, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tó ń ti ìsọfúnni yín pa, fún ẹni mẹ́ta tí ẹ fọkàn tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti mọ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ nìyẹn."

Rárá o. Ẹni tó gé kọ́kọ́rọ́ bí ẹní gé iṣu nìyẹn bá wí. Ọ̀nà tí Adi Shamir, onímọ̀ nípa ìpàrokò, gbé jáde ní 1979 kì í gé e.

Ká ní 7 ni àṣírí, ẹni méjì ló sì gbọ́dọ̀ pàdé. A ó kàn ṣàdédé mú nọ́ńbà kan, bíi 4, a ó fi kún 7 lẹ́ẹ̀kan fún ẹni kìíní, lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni kejì, lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹni kẹta. Bó bá ti pé 11, a ó yọ 11 kúrò. Wọ́n gba 0, 4 àti 8.

Ẹni kejì tó mú 4 dání kò mọ nǹkan kan: láti 0 dé 10, èyíkéyìí lè jẹ́ àṣírí náà. Bó bá pàdé ẹni kẹta, 8 yọ 4 ku 4. Wọ́n á yọ 4 yẹn lẹ́ẹ̀mejì kúrò nínú ìpín ẹni kejì, wọ́n á fi 11 kún un, 7 á jáde.

Ìpín irọ́ ni kó bà yín lẹ́rù. Bí ẹni kẹta bá mú 9 wá dípò 8, 5 ni wọ́n máa rí, ìṣirò náà kò sì ní ta wọ́n lólobó.